Iye owó ni mo kọ́kọ́ gbé kúrò lọ́rùn ara mi

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi kì í ṣiṣẹ́ dé ìdajì ọjọ́, síbẹ̀ àwọn oníbàárà ń pariwo pé iṣẹ́ àwọn ń pẹ́. Ẹni tó bá wò ó láti òkèèrè á ní ká lọ ra ẹ̀rọ kejì. Èmi náà ti ń wádìí iye tí wọ́n ń ta ẹ̀rọ kí n tó jókòó ka àwọn iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Mo yà wọ́n sọ́tọ̀ ní ìdì ìdì: èyí tó ń dúró de bébà, èyí tó ń dúró de ẹ̀rọ, èyí tó ń dúró de oníbàárà, àti èyí tó ń dúró dè mí. Ìdì tó ń dúró dè mí ló ga jù. Iṣẹ́ 18 ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ń retí kí n sọ iye, kí n wo àpẹẹrẹ, tàbí kí n fọwọ́ sí nǹkan.

Òfin kan wà tí John Little fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn ní 1961, tí àwọn tó ń ṣètò ilé iṣẹ́ ṣì ń lò: tí ẹ bá fi iye ọjọ́ tí nǹkan kan ń dúró sọ iye tó ń wọlé lójúmọ́ di púpọ̀, ohun tó tò sílẹ̀ lẹ máa rí. Iṣẹ́ bíi 6 ló ń wọlé fún wa lójúmọ́. Tí 18 bá wà lórí tábìlì mi, a jẹ́ pé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń sùn lọ́dọ̀ mi fún ọjọ́ 3 kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Káàdì tí ẹ̀rọ máa tẹ̀ tán láàárín wákàtí kan ni. Ẹ̀rọ kejì kò lè tún ìyẹn ṣe, torí kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ni iṣẹ́ ti há.

Mo wá mú ìwé kékeré kan, mo ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá bi mí: ta ló béèrè, kí ló béèrè, kí ni mo dá a lóhùn. N kò tíì yí nǹkan kan padà nígbà yẹn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi máa parí, ìwé náà ti sọ̀rọ̀. Ìbéèrè tó pọ̀ jù ni “Ọ̀gá, eélòó ni ká pe èyí?” Bí mo sì ṣe ń ka ìdáhùn mi, mo rí i pé ìṣirò kan náà ni mo ń ṣe ṣáá. Bébà, íǹkì, àkókò orí ẹ̀rọ, gígé, èrè. Orí mi nìkan ni ìṣirò yẹn wà, ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé iṣẹ́ fi ń tò síwájú mi.

Ọ̀pọ̀ wa la máa ń rò pé a ti pín iṣẹ́ nígbà tí a bá rán ẹnì kan lọ gbé ẹrù tàbí tí a ní kó bá wa tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn gbé kúrò, ìpinnu ṣì wà lọ́rùn ẹni, ìpinnu yìí ló sì ń rẹni. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé irú àárẹ̀ tí iṣẹ́ ń fà yìí nínú ìwé ìtòsílẹ̀ àìsàn wọn ní 2019, wọn kò pè é ní àìsàn, wàhálà ibi iṣẹ́ tí a kò bójú tó ni wọ́n ní ó ń fà á. Àmì mẹ́ta ni wọ́n kà: kí agbára tán nínú ẹni, kí iṣẹ́ ẹni sú ẹni, kí iṣẹ́ náà má sì dáa lọ́wọ́ ẹni mọ́. Ìkejì ni mo fi mọ tèmi. Ara mi ti ń bù máṣọ tí fóònù bá dún, kì í kúkú ṣe gbèsè ni mo jẹ.

Ọmọbìnrin tó ń gba àwọn oníbàárà wọlé ni mo yàn fún iye owó. Ó mọ̀ wọ́n, ó mọ ìṣirò, kì í sì í tijú béèrè ọ̀rọ̀. Mo kọ ìṣirò orí mi sílẹ̀ sójú bébà kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ohun téèyàn ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, ìdajì rẹ̀ ni yóò rántí kọ. Nítorí náà, mo kó 20 iṣẹ́ tí a ti parí jáde, mo bo iye tí mo gbà lórí wọn, mo ní kó fi ìwé náà ṣírò wọn fúnra rẹ̀. Ibi tí tirẹ̀ bá ti yàtọ̀ sí tèmi, ibẹ̀ ni nǹkan kan ti sọnù nínú ohun tí mo kọ.

Ẹ wo ọ̀kan. Káàdì 500 ni, ojú méjèèjì ní àwọ̀. Bébà A4 kan ń gba káàdì 10, ó kọ bébà 50. Ìṣirò rẹ̀ pé. Èmi ka 55 sí i, torí bébà díẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣòfò kí àwọ̀ tó jókòó dáadáa, abẹ gígé náà sì máa ń ba díẹ̀ jẹ́. N kò kọ ìyẹn síbì kankan rí. A fi sínú ìwé: lórí gbogbo bébà 50, fi 5 kún un. Òmíràn ni iṣẹ́ kíákíá. Ó bi mí pé, “Ọ̀gá, ẹ gba owó kún owó lórí èyí, ẹ kò gbà lórí èyí, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì ní ká gbé méjèèjì. Èwo ni kí n tẹ̀ lé?” N kò rí ìdáhùn gidi fún un, a wá jọ pinnu pé iṣẹ́ tó bá gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́ tó wọlé, ìdá kan nínú mẹ́rin iye rẹ̀ la máa fi lé e, ẹni yòówù kó ni ín.

Lẹ́yìn ìyẹn la kọ ààlà rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé. Ó lè dín owó kù dé ìdá 5 nínú 100 láìbi mí. Iṣẹ́ tí bébà rẹ̀ kò sí nínú ìwé wa, tàbí tó ju èyí tó tóbi jù tí a gbà lọ́dún tó kọjá, kó gbé e wá. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí iṣẹ́ kankan dé orí ẹ̀rọ láìjẹ́ pé oníbàárà ti san ìdajì. Ẹni tó ń sọ iye kọ́ ló ń gbowó: akọ̀wé owó ló ń kọ rísíìtì, tó sì ń fi í wé ìwé iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ má ṣe fo èyí, bó ti wù kẹ́ ẹ gbẹ́kẹ̀ lé òṣìṣẹ́ yín tó. Ó ń dáàbò bo òun gan-an, torí tí owó bá dín, ẹnikẹ́ni kò ní kọ́kọ́ nàka sí i.

Díẹ̀ díẹ̀ ni mo fi gbé e fún un. Níbẹ̀rẹ̀, ó ń ṣírò, ó ń fi hàn mí kó tó sọ fún oníbàárà. Nígbà tí 20 tẹ̀ lé ara wọn láìsí àtúnṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún oníbàárà tààrà, mo wá ń wo gbogbo rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn 20 míì, mo dín ìyẹn náà kù: márùn-ún péré ni mò ń fà yọ lọ́sẹ̀, èyí tọ́wọ́ mi bá bà. N kò fi ọjọ́ dá ìpele kankan, torí ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ kò pọ̀ lè parí láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ bóyá ìwé náà ṣiṣẹ́.

Ibi tó le jù kò sí nínú ìṣirò rárá. Gbogbo èèyàn ló fẹ́ dá iṣẹ́ náà padà fún mi. Ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ á yọjú: “Ọ̀gá, kí lẹ rí sí èyí?” Tí mo bá fèsì, ọwọ́ mi ló ti padà sí yẹn. Èmi náà á bi í pé, “Kí ni ìwé wí? Kí ni ìwọ máa pè é?” Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í mú ìdáhùn tirẹ̀ dání wá, nígbà tó yá kò wá mọ́. Bọ̀dá tó ń tẹ̀wé, tó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, kò fẹ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ kékeré, ó ń yọ́ wá bá mi. Mo pe gbogbo wa jọ, mo sọ ọ́ lójú bọ̀dá náà àti ọmọbìnrin náà pé ọ̀rọ̀ iye ti kúrò lọ́wọ́ mi. Ó yẹ kí irú ìkéde yìí ṣáájú, torí àṣẹ tí ẹnì kan ṣoṣo bá gbọ́ nípa rẹ̀ kì í múlẹ̀.

Àwọn oníbàárà àtijọ́ ni wọ́n gbówọ́ jù. Ọ̀kan pè mí lálẹ́, ó ní kí n yọ ìdá 15 nínú 100 fún òun, pé “ọmọ yẹn” kò mọ òun. Tí mo bá yọ ọ́ lórí fóònù, kò sẹ́ni tó máa bá ọmọ yẹn ná ọjà mọ́ láéláé. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, òun ló ń sọ iye. Ẹ bá a sọ ọ́ láàárọ̀.” Ọmọbìnrin náà gbé ìṣirò rẹ̀ wá, a rí i pé ìdá 8 ni iṣẹ́ náà lè fara dà, òun ló sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún baba náà.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin náà sọ iye ìwé ìléwọ́ kan láìfi owó ọ̀rá tí a fi ń bo bébà kún un. Èrè orí rẹ̀ wọmi. A gbà á ní iye tó sọ, torí ọ̀rọ̀ tó ti jáde lẹ́nu ilé iṣẹ́ kò ṣeé pa dà. Ohun tí mo wò ni bóyá ẹlòmíì tó bá ka ìwé yẹn máa ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fún akọ̀wé owó ní iṣẹ́ kan náà kó ṣírò, òun náà fo ọ̀rá. Ìwé ló lẹ́bi, a fi ìlà kan kún un. Ká ní ọmọbìnrin náà nìkan ló fò ó, ẹ̀kọ́ ló máa nílò, mi ò sì ní torí ẹ̀ gba iṣẹ́ náà padà.

Iye bébà kì í dúró sójú kan, nítorí náà mo fi àtúnṣe ìwé sọ́wọ́ ara mi, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan. Ìfọwọ́sí ní báńkì, gbígba òṣìṣẹ́ àti lílé e, ọ̀rọ̀ oníbàárà tí iṣẹ́ ńlá rẹ̀ bàjẹ́: ìwọ̀nyí náà ṣì wà lọ́dọ̀ mi.

Mo tún ìdì mi kà. Iṣẹ́ 4 ló kù lórí tábìlì, kò pé ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń retí kí n wo àpẹẹrẹ wọn kí wọ́n tó dé orí ẹ̀rọ, a jẹ́ pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ tún ti há báyìí. Bọ̀dá tó ń tẹ̀wé ni mò ń kọ́ fún ìyẹn, kì í ṣe ẹni tó ya àwòrán náà, torí ojú kì í rí àṣìṣe ọwọ́ ara rẹ̀. Nǹkan mẹ́rin ló wà nínú ìwé rẹ̀ títí di ìsinsìnyí: orúkọ, ọjọ́, nọ́ńbà fóònù, àti mílímítà 3 tí àwọ̀ gbọ́dọ̀ fi kọjá ojú ibi tí abẹ máa gé. Mẹ́tàlá nínú 20 àkọ́kọ́ ló bá tèmi mu.