Bí a ṣe ń ṣírò iye wákàtí tí ìrìn àjò máa gbà lójú ọ̀nà

Bí wọ́n bá sọ fún awakọ̀ kan pé kìlómítà 260 ni ibi tó ń lọ, kì í pẹ́ tó fi máa ń fèsì: "Mo máa ń sá 80 ní wákàtí kan." Á pín 260 sí 80, á rí wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 15, á sì fi bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó ń retí rẹ̀. Ìṣirò yẹn ò ní àléébù. 80 yẹn ni irọ́ wà.

80 ni ohun tí ojú rẹ̀ rí lórí dáṣíbọọ̀dù nígbà tí ọ̀nà là gbọnrangandan. Ohun tí a ń wá ni ìyára tí a bá pín gbogbo ọ̀nà tí a rìn sí gbogbo àkókò tí a lò. Ẹ dán an wò ní ìrìn àjò yín tó ń bọ̀. Kí ẹ tó ṣíná ọkọ̀, ẹ kọ iye kìlómítà tó wà lójú dáṣíbọọ̀dù sílẹ̀ pẹ̀lú aago, kí ẹ tún kọ ọ́ nígbà tí ẹ bá dúró. Tí ẹ bá gbéra ní aago 7:00, tí ẹ dé ní 8:30, tí ọkọ̀ sì ti rin kìlómítà 72, ìyára yín jẹ́ 48 ní wákàtí kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kan 90 lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà.

Lẹ́yìn náà, ẹ gé ọ̀nà sí abala gẹ́gẹ́ bó ṣe rí. Ká ní kìlómítà 260 wa yìí ní 20 láàárín ìlú, níbi tí a lè sá 25 ní wákàtí kan. 200 ní òpópónà márosẹ̀, níbi tí a lè sá 80. Àti 40 tó kún fún kòtò, níbi tí a ò lè kọjá 40. Abala kọ̀ọ̀kan la máa pín fún ara rẹ̀:

```
20 ÷ 25  = 0.8
200 ÷ 80 = 2.5
40 ÷ 40  = 1
```

Wákàtí 4.3 ni àpapọ̀ rẹ̀. Ibí yìí ni ẹsẹ̀ ti máa ń yẹ̀: 4.3 kì í ṣe wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 30, kì í sì í ṣe wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 3. Ohun tó wà lẹ́yìn àmì yẹn la máa sọ di ìlọ́po 60: 0.3 lọ́nà 60 jẹ́ 18. Wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 18 nìyẹn.

Ẹ má ṣe ro 25, 80 àti 40 pọ̀ kí ẹ pín in sí 3 o. Wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 23 nìyẹn máa fún yín, nítorí kò mọ̀ pé márosẹ̀ gùn ju méjì tó kù lọ fíìfíì.

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ńkọ́? Ẹ má kàn fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lé e bí ẹni ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ẹ dín ìyára abala tó kàn kù. Tí ìlú bá dí débi pé ọkọ̀ ò lè ju 10 lọ ní wákàtí kan, kìlómítà 20 yẹn á gba wákàtí 2 dípò ìṣẹ́jú 48. Wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 12 ti lọ. Ẹni tó bá ní òun á sáré gbà á padà ní márosẹ̀, tó gbé e láti 80 sí 100, ìṣẹ́jú 30 péré ló máa rí, ewu sì wà níbẹ̀.

Ìsinmi ló kù. Kí awakọ̀ má wa ọkọ̀ kọjá wákàtí 2 láìdúró fún ìṣẹ́jú 15, ó kéré tán. Ẹ ka 20 sí ìdúró kọ̀ọ̀kan, torí yíyà kúrò lójú ọ̀nà, wíwá ibi gbé ọkọ̀ sí àti pípadà wọlé náà ń jẹ àkókò. Nínú ìrìn àjò wa, ìdúró 2 tó: ọ̀kan láàárín márosẹ̀, ìkejì kí a tó wọ ibi kòtò. Bí ìlú bá dí, ẹ gbé ti àkọ́kọ́ wá síwájú, gẹ́rẹ́ tí ẹ bá jáde nílùú, kí ẹ sì ṣe ìkejì ní márosẹ̀ kí wákàtí 2 míì tó kọjá. Ìṣẹ́jú 40 ni méjèèjì.

Nítorí náà, bí ọ̀nà bá dára, wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 58. Bí ìlú bá dí, wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 10. Ẹ sọ méjèèjì fún ẹni tó ń retí yín. Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ débẹ̀ ní aago 12:00 ọ̀sán, èyí tó gùn ni kí ẹ fi kà á padà: 5:50 àárọ̀ ni ẹ máa gbéra.

Ẹ kọ aago tó yẹ kí ẹ parí abala kọ̀ọ̀kan sórí bébà kékeré kan. Bí ẹ bá kúrò ní 5:50, tí ọ̀nà sì dára, 6:38 ló yẹ kí ẹ bọ́ sí márosẹ̀. Tó bá di 6:38 tí dáṣíbọọ̀dù ṣì ń sọ pé kìlómítà 8 lẹ ti rìn, 12 ló kù nílùú, ìyára yín sì jẹ́ 10. Ẹ wá ibi tó dára dúró, kí ẹ pè wọ́n pé 12:00 gan-an ni ẹ máa dé.