Férémù awò ojú tó ń ká bí rọ́bà kọ́ ni tàìténíọ̀mù tí etí yín ń wá

Ó ti sú mi láti máa rí i. Ẹni tí ẹ̀yìn etí rẹ̀ ti dúdú, tó ti bó, á tún lọ fi owó gidi ra ohun tó ń fìyà jẹ ẹ́ náà lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí ooru Ògbómọ̀ṣọ́ bá mú, òógùn ò jẹ́ kí irin awò ojú sinmi.

1. Ẹ má fi awò asitéètì, ìyẹn irú ike kan, sílẹ̀ lórí dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò. Oòrùn á mú un rọ̀, apá rẹ̀ á yà, gíláàsì á sì máa yọ.

2. Bí yẹtí olówó pọ́ọ́kú bá ti ń yún yín létí rí, ẹ má ra férémù tí wọ́n kàn fi omi góòlù bò. Níkẹ́lì àti bàbà ló sábà máa ń wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Òógùn á bó góòlù náà lẹ́yìn etí, níkẹ́lì á yòrò sínú òógùn, á wọ awọ ara, ibẹ̀ á sì máa yún yín.

3. Èyí tó ń dùn mí jù lọ nìyí. Ìyá kan tó jẹ́ tísà wá bá mi láti ọ̀nà Tákié. Wọ́n ti ń fi ìpara pa ẹ̀yìn etí wọn, wọ́n rò pé làpálàpá ni. Mo gba awò náà wò: ibi méjèèjì tí ara wọn ti bó gan-an ni góòlù ti ṣí lára irin. Mo ní, "Mà, ẹ lọ ra tàìténíọ̀mù." Ẹni tó tà á fún wọn ká apá férémù mọ́ ìka, ó jù ú sílẹ̀, ó sì nà padà ṣánṣán. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi padà dé: "Ọmọ mi, tàìténíọ̀mù tó o ní kí n rà náà ni mo rà, ó tún ti ń jẹ mí."

Ẹ̀bi tèmi náà ni, mi ò sọ irú èyí tí wọ́n máa rà. Irin tó ń ká tó tún ń nà padà bẹ́ẹ̀, tàìténíọ̀mù wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n níkẹ́lì kó bí ìdajì rẹ̀. Àpòpọ̀ yẹn ló ń jẹ́ kó rántí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Bí ojú rẹ̀ ò bá tíì họ, níkẹ́lì kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde. Àmọ́ ibi tó ń fara ra etí ló kọ́kọ́ ń họ. Tàìténíọ̀mù pọ́ńbélé ni kí ẹ bèèrè. Ó fúyẹ́, òógùn ò lè jẹ ẹ́, kì í sì í ká mọ́ ìka.

Ẹ má sì fi mágínẹ́ẹ̀tì dán an wò kí ẹ gbà pé ó dára. Ọ̀pọ̀ irin tó ní níkẹ́lì ni mágínẹ́ẹ̀tì kì í fà. Omi àyẹ̀wò níkẹ́lì ni mo ń lò: mo máa ń fi òwú tó rin sínú rẹ̀ nu ibi tó ti họ, bí òwú bá pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, níkẹ́lì ń jáde nìyẹn. Férémù tuntun lè má pọ́n òwú, torí omi góòlù ṣì bò ó.

Bí tàìténíọ̀mù bá ṣẹ́, ẹ má gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ góòlù. Bó bá gbóná nínú afẹ́fẹ́ lásán, á gan, á tún ṣẹ́.

Owó ìyá náà ò tó tàìténíọ̀mù pọ́ńbélé mọ́. Férémù oníke tó ń tẹ̀, tí wọ́n kọ TR90 sí lápá, ni mo fún wọn. Kò ṣeé jó pọ̀ bó bá ṣẹ́, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Wọ́n ń fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ lálaalẹ́, ẹ̀yìn etí wọn sì ti jinná.