Ewúrẹ́ Jẹ Àkàrà: Bí Mo Ṣe Kọ Káàdì fún Ọmọ Ọdún Mẹ́fà

Àjàní, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé l'Ọ́yọ̀ọ́, pé ọdún mẹ́fà lóṣù tó kọjá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀wé kà, nítorí náà mo ní n ó kọ káàdì tí òun fúnra rẹ̀ máa kà, láìsí pé ìyá rẹ̀ ń kà á sí i létí.

Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ rèé: “Àjàní, Olódùmarè yóò fi ọ́ ṣe àwòkọ́ṣe rere láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ bí o ṣe ń ṣe ọdún mẹ́fà lónìí.” Orí mi wú. Ṣùgbọ́n kí n tó fi ránṣẹ́, mo pe ọmọ-ọmọ onílé wa níbí l'Ógbòmọ̀ṣọ́, irú kíláàsì kan náà ni òun àti Àjàní wà. Mo ní kó bá mi kà á sókè.

Ìyà jẹ ọmọ náà. Nígbà tó fi máa pe “rè” tó parí Olódùmarè, ó ti gbàgbé “O” tó fi bẹ̀rẹ̀. Ó pe “gb” inú ẹgbẹ́ ní gì, ó tún pe bì. “Ọdún” wá di ọ-dú-nù. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Ká gé ọ̀rọ̀ sí sílébù ni wọ́n fi ń kọ́ wọn: bà-tà, a-dé, i-lé. Lẹ́tà “n” tó wà lẹ́yìn “u” nínú ọdún kò ní ìró tirẹ̀, ó kàn ń sọ fún wa pé ká gba imú pe “u” ni. Ọmọ tó ń pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kò lè tíì mọ ìyẹn.

Mo bá ya bébà náà. Mo pinnu pé ọ̀rọ̀ tí kò ju sílébù mẹ́ta lọ ni n ó lò, tí kò ní “gb”, tí kò sì ní “n” tó ń gba imú. Mo rò pé kò ní sí ohun tó máa kù láti sọ, àṣé ọ̀rọ̀ tó kù pọ̀ lọ súà. “Ọjọ́ ìbí” gan-an, ó rọrùn. “Mú” náà kò ní wàhálà: imú la fi ń pè é, ṣùgbọ́n torí “m” tó ṣáájú, a kì í kọ “n” sí i.

Eré wá ńkọ́? Mo sọ ọdún mẹ́fà di àlejò tó ń kan ilẹ̀kùn. Mángòrò ni mo kọ́kọ́ fi sọ́wọ́ àlejò náà, torí Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, mángòrò wa kò sì kéré. Ọmọ-ọmọ onílé tún há sí “ng” àárín rẹ̀. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo fi àkàrà rọ́pò rẹ̀.

Kọ́, kọ́, kọ́! Àgò o!
Ta ni?
Èmi ni, Mẹ́fà.
Kí ni o mú wá?
Mo mú àkàrà wá.
Àkàrà dà?
Ewúrẹ́ jẹ àkàrà!
Àjàní, kú ọjọ́ ìbí.
Kí Olúwa kẹ́ ọ.

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn, ìyá mi ló fà á. Nígbà tí mo kà á fún wọn, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, “Àdúrà dà?” Mo ní àdúrà gígùn máa wà nínú ìwé tí mo kọ sí ìyá ọmọ. Wọn ò gbà. La bá jọ wá èyí tó kúrú.

Mo gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní Tàkíè. Nígbà tó jáde, àmì orí “ẹ́” ti fò kúrò lórí lẹ́tà, ó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n lé jáde nílé. Ọmọ tó ń kọ́ dò-re-mí kò ní mọ ohun tó máa fi ìyẹn ṣe. Mo ra káádíbọ́ọ̀dù, mo fi ọwọ́ kọ ọ́ gàdàgbà, mo sì tẹ àmì abẹ́ lẹ́tà kó hàn dáadáa. Gbólóhùn kan ni mo kọ sí ìlà kan, kí ojú rẹ̀ má baà ṣìnà.

Lọ́jọ́ ìbí náà, ẹ̀gbọ́n mi pè mí, wọ́n sì gbé fóònù sí Àjàní lẹ́nu. Ó rọra ka ìlà kìíní. Nígbà tó dé “Ta ni?”, ó ki ohùn bí ọlọ́dẹ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló dúró, níbi “Ewúrẹ́”: ó pe e, ó pe wú, ó pe rẹ́, ó wá pariwo, “Ewúrẹ́!” Ẹ̀rín pa á, kò tètè lè ka ìyókù. Nígbà tó kà á tán, ó bi mí léèrè:

“Bọ̀ọ̀dá mi, ewúrẹ́ ta ni?”