Kóòdù Wásáàpù ò wọlé? Ẹ yéé tẹ ibì kan náà lemọ́lemọ́

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé fóònù wá sọ́dọ̀ wa ní Táíwò, Ìlọrin níbí, símù wọn ò bàjẹ́, fóònù wọn ò bàjẹ́, wọ́n kàn ti béèrè kóòdù títí Wásáàpù fi ní kí wọ́n lọ dúró ná ni.

Nọ́ńbà yín ni àkáǹtì yín níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tí ò lè tẹ nọ́ńbà ẹlòmíì sí i, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi kóòdù onínọ́ńbà 6 ránṣẹ́, pé ẹni tí símù bá wà lọ́wọ́ ẹ̀ nìkan ló máa rí i. Símù ni kóòdù ń lọ bá o, kì í ṣe fóònù.

Ibi tí ìyá kan láti Ọ̀fà ti ṣì í nìyẹn. Ọmọ ẹ̀ ra Áńdíróìdì fún un, símù ṣì wà nínú fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì, màmá wá tẹjú mọ́ fóònù tuntun, wọ́n ń retí kóòdù, kò dé, wọ́n tún béèrè, kò dé, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì tún béèrè ni àkókò ìdúró ń gùn sí i, kó tó di pé wọ́n délé wa ó ti di wákàtí. A ṣí fóònù kékeré yẹn, àwọn mẹ́sééjì ìpolówó nẹ́tíwọ̀kì (ẹ mọ̀ wọ́n, wọn ò jẹ́ kéèyàn sinmi) ti kún inú ẹ̀ dẹ́nu, kò sáyè fún òmíì. A pa wọ́n rẹ́, a ní kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan kan títí àkókò á fi pé, a wá béèrè lẹ́ẹ̀kan péré, ó wọlé, a kà á lára ti kékeré, a tẹ̀ ẹ́ sí tuntun. Ó tán.

Tí kóòdù mẹ́ta bá wá já lu ara wọn, èyí tó dé kẹ́yìn nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ẹ má fi méfò tẹ nǹkan, ìyẹn náà ń fi kún ìdúró.

Ẹ tún wo nọ́ńbà tí wọ́n fi hàn yín dáadáa kẹ́ ẹ tó tẹ̀ síwájú. Nàìjíríà ni +234, òdo iwájú á kúrò, bíi +234 803, tórílẹ̀-èdè míì bá wà níbẹ̀, ibòmíì ni kóòdù ń lọ.

Tó bá ṣì kọ̀, ẹ ní kẹ́nìkan fi mẹ́sééjì lásán ránṣẹ́ sí símù yẹn. Tí ò bá wọlé, ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ̀kì tàbí símù ni, ẹ fi Wásáàpù sílẹ̀. Tó bá wọlé, ẹ padà sí Wásáàpù, ẹ mú ibi tí wọ́n ti máa pè yín, wọ́n á ka kóòdù náà sí yín létí. Símù tẹ́ ẹ ti pa tì tipẹ́ ńkọ́? Ẹ fi fóònù míì pè é, tí àlejò bá gbé e, nẹ́tíwọ̀kì ti tà á fẹ́lòmíì nìyẹn.

Tí kóòdù bá sì wọlé láìjẹ́ pé ẹ béèrè, ẹnìkan ló ń tẹ nọ́ńbà yín síbì kan, ó sì lè pè yín láìpẹ́ pé "ẹ jọ̀ọ́ mo ṣèèṣì ni, ẹ bá mi kà á". Ẹ má kà á fún un, bó jẹ́ ohùn àbúrò yín lẹ gbọ́.