Bí mo ṣe di ife tánganran mẹ́fà láti Ìbàdàn dé Àbújá

Ife tánganran mẹ́fà ni mo dì, gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan tó sẹ̀ǹtímítà 10. Páálí méjì ni mo lò, kékeré nínú ńlá. Ẹni tó bá fẹ́ fi páálí kan ṣoṣo ṣe é, tí páálí náà bá fi igun balẹ̀, igun yẹn á wọlé, ife tó wà níbẹ̀ ló máa jẹ ìyà rẹ̀.

Etí ife ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló kọ́kọ́ máa ń kán. Mo ká bébà rírọ̀, mo sì fi dí ihò etí náà pátápátá. Mo fi bébà díẹ̀ sínú ife, mi ò kì í le, kó má baà ti ẹ̀gbẹ́ ife. Lẹ́yìn náà, mo fi ọ̀rá alátẹ́gùn, èyí táwọn ọmọdé máa ń tẹ̀ kó dún pọ́, wé e ní ìlọ́po méjì. Ojú tó ní afẹ́fẹ́ ni mo kọ sí ife. Mo fi téèpù dè é.

Páálí kékeré náà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 38 sí 32 sí 18. Mo gé páálí pelebe tí mo fi pààlà sáàrin àwọn ife, kí tánganran má kan tánganran rárá. Èyí ṣe pàtàkì gan-an, torí ife méjì tó bá ń gbára wọn lójú títì tó ní gbágungbàgun lè sán láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ju páálí náà sílẹ̀.

Páálí ńlá jẹ́ 48 sí 42 sí 28, kí àyè sẹ̀ǹtímítà 5 lè wà yí kékeré ká, títí kan ìsàlẹ̀ àti òkè. Àjákù fóòmù líle, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe àga máa ń dà nù, ni mo fi dí àyè náà. Ìwé ìròyìn tí a rún máa ń fún mọ́lẹ̀ bí mọ́tò bá ṣe ń mì í. Páálí á kún nígbà tó kúrò nílé, àmọ́ tó bá fi máa débẹ̀, àyè á ti ṣí sílẹ̀ lókè.

Kí n tó fi téèpù dí i, mo gbé e sókè, mo mì í létí. Ohun kan dún kéré, kó! Mo ṣí i, mo bá igun kan tí fóòmù ò dé, mo fi kún un, mo tún mì í. Ìgbà tí kò dún mọ́ ni mo tó fi téèpù gbòòrò dè é ní òkè àti ìsàlẹ̀: ẹyọ kan lórí ojú àárín, ẹyọ kọ̀ọ̀kan lórí etí méjèèjì.

Mo kọ “Ó LÈ FỌ́” sára rẹ̀, àmọ́ mi ò gbẹ́kẹ̀ lé e. Fọ́tò ni mo gbẹ́kẹ̀ lé tó bá di ọ̀rọ̀ owó gbà-má-bínú, torí ohun tí àwọn tó ń báni gbé ẹrù sábà máa ń sọ ni pé a ò dì í dáadáa. Mo ya ife kọ̀ọ̀kan, mo ya inú páálí kí n tó pa á dé, mo sì ya ìta rẹ̀ kí nọ́ńbà wébíìlì hàn. Mo ní kí ẹni tó máa gbà á ya ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà páálí kó tó ṣí i, kó má sì sọ páálí àti fóòmù nù títí yóò fi wo gbogbo ife náà tán.