Géèmù bọ́ọ̀lù fún ọ̀rẹ́ mẹ́fà nínú yàrá kan

Ká ní ẹ̀yin mẹ́fà péjọ sílé lọ́jọ́ Àìkú. Méjì nínú yín ń gbá FIFA lójoojúmọ́, àwọn mẹ́rin yòókù kì í fọwọ́ kan páàdì ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lọ. Ohun tí ẹ máa ṣe lórí ẹ̀rọ kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ló máa sọ bóyá gbogbo yín á gbádùn rẹ̀.

FIFA jọ bọ́ọ̀lù orí pápá gan-an, ìdí nìyẹn tó fi le fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ibi ìdáàbòbò ilé ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tuntun á máa tẹ bọ́tìnì róbótó orí páàdì PlayStation léraléra, agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ á na ẹsẹ̀, á tàsé, ọ̀nà á sì là gbọọrọ dé iwájú aṣọ́lé. Ẹ ní kó di X mú, kí agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ máa tẹ̀ lé ẹni tó ní bọ́ọ̀lù. Ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá jìnnà díẹ̀ sẹ́sẹ̀ onítọ̀hún ni kó tó tẹ róbótó.

Ìyẹn nìkan kò tó láti bá ẹni tó ń gbá a lójoojúmọ́ figẹ̀ wọngẹ̀. Láti FIFA 19, tó jáde ní 2018, ẹ máa rí House Rules, ìyẹn àwọn òfin àrà ọ̀tọ̀ tí ẹ lè yàn, nínú Kick Off, ibi tí ọ̀rẹ́ ti ń bá ọ̀rẹ́ gbá. Survival ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀: bí o bá ti jẹ góòlù, ẹ̀rọ á yọ agbábọ́ọ̀lù rẹ kan kúrò, àfi aṣọ́lé ni kì í yọ. Ọ̀gá tó bá ti jẹ góòlù mẹ́ta ti ku èèyàn mẹ́jọ, àyè á sì ṣí sílẹ̀ fún alátakò rẹ̀. No Rules náà wà, kò sí fáùlù, kò sí ọ́fúsáìdì. Àmọ́ ọ̀gá ló sábà máa ń jèrè rẹ̀, torí ó mọ bí a ṣe ń ju bọ́ọ̀lù sẹ́yìn àwọn adènà.

Ẹ wá wo àkókò. Bí abala kan bá jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́fà, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan á gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó borí ló ń gbá a lọ, ẹni tó fìdí rẹmi á dúró de ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin, ìyẹn odidi wákàtí kan. Bí ẹ bá ní páàdì mẹ́rin, ẹ gbá a ní méjì-méjì, ìṣẹ́jú mẹ́rin fún abala kan, kí àwọn ọ̀gá méjèèjì má ṣe wà lẹ́gbẹ́ kan náà. Ẹgbẹ́ tó pàdánù á dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré.

Bí Nintendo Switch lẹ ní, Mario Strikers: Battle League gba èèyàn mẹ́jọ lórí ẹ̀rọ kan. Kò jọ bọ́ọ̀lù gidi rárá, kò sì sí fáùlù. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo géèmù eré bẹ́ẹ̀ ló rọrùn. Mọ́tò ló ń gbá bọ́ọ̀lù nínú Rocket League, ó dà bí eré ọmọdé, ṣùgbọ́n ẹni tuntun lè máa fi mọ́tò rẹ̀ gbá ògiri fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mélòó kan kó tó kan bọ́ọ̀lù dáadáa.

Nígbà tí àbájáde bá ti ń jẹ́ 2-1 tàbí 3-2, ẹ yọ Survival kúrò.