Bí mo ṣe kúrò nídìí káńtà bọ́ sídìí títa bébà fún iléèwé

Ọdún mẹ́rin ni mo fi dúró nídìí káńtà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn, níbi tí a ti ń ta bébà, bíírò àti ìwé ọmọ iléèwé. Ẹni tó bá wọlé ni mò ń tà fún. Lónìí, iléèwé àti ọ́fíìsì ni oníbàárà mi, ọ̀dọ̀ wọn ni mo sì ń lọ bá wọn.

Rìsíìtì ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ọjà dá, mo kó ẹ̀dà rìsíìtì oṣù mẹ́ta jọ, mo ń wá ẹni tó ra bébà A4 ju rímù mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo rí mọ́kànlá, méje nínú wọn sì jẹ́ iléèwé. Awakọ̀ ni àwọn iléèwé yìí máa ń rán sí wa, èyí tí owó rẹ̀ bá kéré jù ni awakọ̀ sì máa ń gbé. Mo mú ohun tí mo rí nínú rìsíìtì yìí tọ ọ̀gá mi lọ. N kò kó orúkọ wọn lọ bá oníṣọ́ọ̀bù mìíràn, nítorí ọ̀gá mi ló ni ìwé, òun ló ni ọjà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n máa jáde lọ bá wọn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀." Wọ́n gbà. Àdéhùn wa ni pé owó oṣù mi kò ní yẹ̀, màá sì gba kọ́míṣọ̀n lórí ohun tí mo bá tà níta, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí oníbàárà bá sanwó.

Iléèwé girama aládàáni kan ni mo kọ́kọ́ lọ. Ẹni tó ni iléèwé ni mo béèrè, wọn ò jẹ́ kí n rí wọn. Bí mo ṣe ń padà lọ ni mo gbọ́ ohùn ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì nínú ọ́fíìsì kékeré kan, mo yà síbẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan tó jẹ́ akọ̀wé ló ń fa bébà tó há jáde nínú rẹ̀. Mo kí wọn, mo bá wọn ṣí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, mo ní, "Ṣé báyìí ló ṣe máa ń ṣe é yín, mà?" Wọ́n ní, "Ọmọ mi, lójoojúmọ́ ni."

Iṣẹ́ káńtà ló gbè mí níbẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́rin yẹn, èmi ni wọ́n máa ń dá bébà tó ń há padà fún, mo sì ti mọ ohun tó ń fà á. Bébà máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mu. Tí wọ́n bá tú u kúrò nínú ọ̀rá rẹ̀, tí wọ́n gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ògiri nígbà òjò, etí rẹ̀ á ká, ewé méjì á lẹ̀ mọ́ra, ẹ̀rọ á sì gbé wọn pọ̀. Bébà tó fẹ́lẹ́ ló tètè ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan tiwọn, mo mọ̀ pé ó rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé bébà sórí pákó, kí wọ́n má tú rímù tí wọn ò tíì fẹ́ lò. N kò tíì ta nǹkan kan. Mo wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa kó ewé tó bá bàjẹ́ sínú páálí fún ọ̀sẹ̀ kan, mo sì fún wọn ní rímù kan nínú tiwa láti fi dán an wò.

Nígbà tí mo padà, a jọ kà á. Rímù kan jẹ́ ewé 500. Nínú tiwọn, nǹkan bí 60 ló ń bàjẹ́. Nínú tiwa, 10. 6,000 náírà ni wọ́n ń ra tiwọn, 6,500 ni tiwa. Tí a bá fi rímù sí rímù, tiwa ló wọ́n. Àmọ́ rímù 40 ni wọ́n ń lò fún ìdánwò, ìyẹn 240,000 náírà, ewé tó wúlò nínú rẹ̀ kò ju 17,600 lọ. Rímù 36 nínú tiwa á fún wọn ní 17,640, owó rẹ̀ sì jẹ́ 234,000. Ìṣírò yìí ni mo kọ sórí ìwé kan ṣoṣo, akọ̀wé ló sì mú mi lọ bá bọ́sà.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n káńtà ti fẹ́ ṣì mí lọ́nà. Ní ṣọ́ọ̀bù, tí ẹnìkan bá ná ọjà, mo máa ń yọ díẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kó má baà lọ. Ṣùgbọ́n níbí, ẹni tó ń lo ọjà, ẹni tó ń yẹ owó wò àti ẹni tó ń fọwọ́ sí i, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Bọ́sà ná an. Tí mo bá yọ owó fún wọn, ẹni tó ni iléèwé náà á tún ná èyí tó kù. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ tẹnu ẹni tó máa fọwọ́ sí i ná." Wọ́n fi ìṣírò náà ránṣẹ́ sókè, wọn ò sì yọ kọ́bọ̀ kan.

Àṣìṣe mi wà nínú ìwé. Mo kọ ìwé iye owó, n kò kọ iye ọjọ́ tí owó náà á fi dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, iye tí à ń ra rímù kan sì ti kúrò ní 6,000, ó ti di 6,400. Èrè 18,000 tí mo ti ń kà di 3,600, mo sì san 5,000 fún ọkọ̀ tó kó o lọ. Ọ̀gá mi pàdánù 1,400 náírà lórí ọjà tí mo fi ń yangàn. Ojú tì mí gan-an.

Owó náà tún pẹ́. A ti jọ ní kí wọ́n sanwó láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ṣùgbọ́n ìparí táàmù ni mo gbé bébà dé, ìgbà tí iléèwé kì í ní owó lọ́wọ́. Ìgbà tí àwọn òbí bá san owó iléèwé ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù tuntun ni owó ń wọlé. Nígbà tí mo lọ béèrè owó, bọ́sà ní àwọn ò rí wébíìlì tí olùtọ́jú ilé-ẹrù fọwọ́ sí. Òótọ́ ni, n kò gba ìbuwọ́lù kankan, mo kàn já ẹrù sílẹ̀ bí ìgbà tí mò ń di ọjà fún ẹni tó ti sanwó.

Nítorí náà, tí ẹni tó wà nídìí káńtà bá béèrè ohun tí òun máa kọ́kọ́ kọ́ lọ́wọ́ mi, ìwé mẹ́rin ni mo máa ń fi hàn án: ìwé iye owó tí ọjọ́ ìparí wà lára rẹ̀, ìwé àṣẹ ìrajà tí wọ́n fọwọ́ sí kí ọjà tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, wébíìlì tí ẹni tó gba ẹrù buwọ́ lù, àti ínfọ́ìsì. Ọ̀rọ̀ dídùn lè dúró ná. Ọjọ́ méje ni mò ń kọ sórí ìwé iye owó mi báyìí.

Ní táàmù tó tẹ̀ lé e, ìyá akọ̀wé ló pè mí fúnra wọn. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n rà á ní ọ̀sẹ̀ kejì táàmù, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sórí pákó títí di ìdánwò. Owó iléèwé ṣì wà lọ́wọ́ bọ́sà nígbà náà. Ọjọ́ kọkànlá tí mo gbé ẹrù dé ni wọ́n sanwó.